Àlàní àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn: ìbéèrè tí àwọn òbí, olùkọ́ àti ọmọdé máa ń bi wá

A máa ń sọ ìtàn Àlàní fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn òbí náà sì máa ń jókòó gbọ́ ọ. Ìbéèrè kan náà ló ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ níbi gbogbo, la bá kó wọn jọ síbí.

Kí ni ìtàn Àlàní?

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Àlàní. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló ń gbé ní Ìgbóọrà, yàrá kan náà ni wọ́n sì jọ ń sùn. Ìyá àgbà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Àlàní àti àbúrò rẹ̀ obìnrin wà lórí fóòmù nílẹ̀, nẹ́ẹ̀tì tiwọn sì wà lókè orí wọn. Àlàní gbà pé nẹ́ẹ̀tì dára, àmọ́ kò rí ìdí tó fi yẹ kéèyàn máa ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù. Tí ooru bá ti mú un, á na ẹsẹ̀ kan síta, á gbé etí nẹ́ẹ̀tì lé orúnkún, oorun á sì gbé e lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àgbà rí ẹ̀fọn kan tó bà sínú nẹ́ẹ̀tì lápá òkè. Ikùn rẹ̀ wú, ó sì pọ́n. Ìyá àgbà ní, "Àlàní ọkọ mi, bá mi pa ìyẹn." Àlàní pàtẹ́wọ́ lé e, ẹ̀jẹ̀ ta sí i látẹ́lẹwọ́. "Ẹ̀jẹ̀ ta nìyẹn?" Àlàní wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀ tó ṣì ń sùn, kò rí nǹkan kan sọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ki etí nẹ́ẹ̀tì dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Ní alẹ́ Sátidé kan, wọ́n ń ṣe òkú àgbà ní agboolé kejì. Àlàní àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sùn sórí ẹní ní ọ̀ọ̀dẹ̀ níbẹ̀, kò sí nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀fọn sì jẹ wọ́n. Lọ́jọ́ Àìkú, ara rẹ̀ le. Lọ́jọ́ Ajé, ara rẹ̀ le. Nígbà tí Sátidé kejì máa fi dé, ó ti ń fọ́nnu fún àbúrò rẹ̀ pé, "Èmi tí mi ò sùn sínú nẹ́ẹ̀tì níjọ́sí, kí ló ṣe mí?" Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ ní kíláàsì, òtútù mú un, ara rẹ̀ sì gbóná janjan.

Àlàní ní bọ́ọ̀lù tí òun gbá nínú oòrùn lánàá ló fà á. Nọ́ọ̀sì tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò rí i pé ibà ni. Ó sọ kàlẹ́ńdà kalẹ̀ lára ògiri, ó ní kí Àlàní fi ìka kà padà sẹ́yìn: Ọjọ́rú, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́ Ajé. Nígbà tí ìka ọmọ náà máa fi kan Sátidé òkú, ọjọ́ méjìlá ló ti kà. Ó wo nọ́ọ̀sì, ó ní, "Ẹ mà jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yin ẹ tún un kà."

Ṣé ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Àlàní lóòótọ́?

Kò sí, ìtàn tá a fi ń kọ́ ọmọdé ni. Àmọ́ a ò ṣàdédé fi í ṣe ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Nínú ilé tí nẹ́ẹ̀tì kò bá tó, ọmọ ọwọ́ àti ìyá rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kàn, ohun tó sì tọ́ nìyẹn. Ọmọ iléèwé ló máa ń ṣẹ́kù síta. Ìwádìí ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó kan ti fi hàn pé àwọn ọmọ bí ọdún márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn sínú nẹ́ẹ̀tì, láàárín wọn náà la sì ti sábà máa ń rí kòkòrò ibà jù lọ nínú ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sáré kiri tí kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n.

Ṣé ẹ̀fọn ló ń fa ibà ni, àbí oòrùn?

Ẹ̀fọn ni. Oòrùn lè rẹ èèyàn, ó lè fọ́ èèyàn lórí, àmọ́ kò lè fi kòkòrò ibà sínú ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, ara ẹni tó ní in ni ẹ̀fọn ti ń fà á mu, á sì gbé e lọ fún ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1897, ní ìlú Secunderabad ní Íńdíà, dókítà kan tó ń jẹ́ Ronald Ross fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ikùn ẹ̀fọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ibà ń ṣe, ó sì rí kòkòrò náà níbẹ̀. Ní 1899 ó wá sí Sàró, apá ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, láti wá ẹ̀fọn tó ń gbé e kiri.

Àwọn ọmọdé kì í yé béèrè bóyá gbogbo ẹ̀fọn ni. Rárá. Abo nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, torí ó nílò rẹ̀ kí ẹyin rẹ̀ tó lè gbó. Omi dídùn inú òdòdó ni akọ ń mu. Ìran ẹ̀fọn tó ń gbé ibà sì yàtọ̀: Anọ́fílísì ni wọ́n ń pè é. Tó bá bà sára ògiri, á na ìdí sókè bíi pé ó fẹ́ da orí kodò.

Kí ló dé tó jẹ́ òru la máa ń sọ?

Torí òru ni Anọ́fílísì ń ṣiṣẹ́. Ó ń jáde lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó sì ń jẹ èèyàn títí di ìdájí. Ọ̀gànjọ́ sí ìdájí ló le jù níbi púpọ̀, ìyẹn ìgbà tí oorun ti wọ ọmọ lára, tí kò lè gbọ́ kó lè pa á. Ẹ̀fọn kan wà tó máa ń jẹni lọ́sàn-án, àmọ́ ibà kọ́ ni ìyẹn ń gbé.

Ẹ̀fọn tó ń kùn ní tòsí gọ́tà lè pọ̀ gan-an kó má sì jẹ́ Anọ́fílísì. Omi tó mọ́ díẹ̀, tí oòrùn ń tàn sí, ni Anọ́fílísì fẹ́ràn jù láti yé sí: ojú ẹsẹ̀ màlúù, ipa táyà lójú ọ̀nà amọ̀, kòtò tí wọ́n gbẹ́ bíríkì. Nítorí náà, ilé tí kò sí gọ́tà nítòsí rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ibà.

Nẹ́ẹ̀tì Àlàní kò ní ihò kankan. Báwo ni ẹ̀fọn ṣe wọlé?

Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹ̀fọn ṣe ń wá èèyàn. Èémí tá à ń mí síta, òórùn ara àti gbígbóná ara ló ń tọ̀ wá. Gbígbóná yẹn ń gòkè, nítorí náà orí nẹ́ẹ̀tì lẹ̀fọn sábà máa ń kọ́kọ́ bá. Àwọn onímọ̀ tó fi kámẹ́rà wo ìrìn ẹ̀fọn lóru rí i pé òkè yẹn, lọ́gangan ibi tí ara ẹni tó sùn wà, ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti ń kọ lu nẹ́ẹ̀tì. Tí kò bá rí ọ̀nà, á fò kúrò, á tún padà, á máa tọ ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Tí etí ìsàlẹ̀ bá wà lábẹ́ fóòmù, kò sí ibi tó máa gbà. Ọ̀dọ̀ Àlàní, ẹsẹ̀ tó nà síta ti gbé etí náà sókè, àlàfo tó ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ sì tó ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn.

Ohun tó burú ni pé ẹ̀fọn tó bá wọlé kì í tètè rí ọ̀nà jáde. Òkè ló máa ń fò sí, ọ̀nà tó gbà wọlé sì wà nílẹ̀. Á wá máa jẹ ẹni méjèèjì tó wà nínú ibẹ̀ títí á fi yó, á sì bà sí òkè. Ẹ̀fọn pípọ́n tí ẹ bá rí nínú nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ni ẹ̀rí tó dájú jù pé àlàfo wà ní ibì kan. Bí oògùn ara nẹ́ẹ̀tì bá tilẹ̀ pa á nígbẹ̀yìn, ó ti jẹun kó tó kú.

Ọ̀nà kejì tún wà tí kò nílò àlàfo rárá. Tí apá tàbí ẹsẹ̀ ọmọ bá fara ti nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀fọn lè dúró síta kó ki ẹnu bọ ojú nẹ́ẹ̀tì, kó mu ẹ̀jẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì tó há tàbí tí wọ́n so sílẹ̀ jù ló sábà máa ń fa èyí. Àárín ni kí ọmọ sùn sí. Tí ọmọ mẹ́ta bá wà lórí fóòmù kan, kí ẹ wá nẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ jù ú lọ.

Báwo gan-an la ṣe ń ki etí nẹ́ẹ̀tì?

Ibi tí ẹ bá so ó sí lókè ló máa sọ bóyá ó máa ṣeé kì. Tí ẹ bá so ó ga jù, etí rẹ̀ kò ní ju ojú fóòmù lọ, ọmọ tó bá sì yí lẹ́ẹ̀kan ti fà á yọ nìyẹn. Ẹ so okùn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ìṣó tàbí igi òrùlé, kí etí nẹ́ẹ̀tì ṣì ṣẹ́kù dáadáa lẹ́yìn tó bá ti kan ìsàlẹ̀ fóòmù, ó kéré tán kó tó gígùn àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà.

Ẹ ti apá tó kọjú sí ògiri, apá orí àti apá ẹsẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù kí ọmọ tó wọlé, kí ẹ má sì tú wọn mọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kó jẹ́ ilẹ̀kùn. Tí ọmọ bá ti wọlé, kó fi tọ́ọ̀ṣì wo òkè àti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ẹ̀fọn ti wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, láti inú, kó gbé etí fóòmù díẹ̀, kó ti nẹ́ẹ̀tì wọ abẹ́ rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi wọlé dé ọrùn ọwọ́. Igun ló máa ń tú jù, nítorí náà igun ni kó kọ́kọ́ ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè ṣe èyí fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá fi hàn án. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè ṣe é, àgbà ló máa bá a ṣe é láti ìta.

Lórí ẹní, abẹ́ ẹní náà ni ẹ máa ki etí rẹ̀ bọ̀ yí po. Ó máa ń yọ ju ti fóòmù lọ torí pé ẹní kò wúwo, a sì máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí àwọn àgbà tó sùn. Láàárọ̀, ẹ ká a sókè, kí ẹ tún tú u sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ̀fọn má baà fara pa mọ́ síbẹ̀ kí onílé tó dé. Ẹ má gbé àbẹ́là, àtùpà tàbí kọ́ìlì ẹ̀fọn sún mọ́ ọn, torí nẹ́ẹ̀tì máa ń gbiná.

Ọmọ mi máa ń dìde tọ̀ lóru. Kí la fẹ́ ṣe?

Ibi tí iṣẹ́ gbogbo ti ń bàjẹ́ gan-an nìyí. Ọmọ á jáde, á padà wọlé pẹ̀lú oorun lójú, á sì sùn láìki etí náà padà. Aago méjì òru tún lè jẹ́ nígbà náà, wákàtí tó bá ẹ̀fọn lára mu.

Ẹ jẹ́ kó tọ̀ kó tó sùn, kí ẹ dín omi mímu rẹ̀ kù lálẹ́, kí ẹ sì gbé pó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì kó má baà rìn jìnnà. Tó bá padà wọlé, àgbà tó gbọ́ ìró rẹ̀ ni kó bá a ki etí náà. Tí kò bá sí ẹni tó gbọ́, ọmọ tó dé ọjọ́ orí Àlàní lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ láti ti ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́.

Alẹ́ kan péré ni Àlàní kò fi sùn sínú nẹ́ẹ̀tì. Ṣé alẹ́ kan tó fa ibà?

Ó tó. Ẹ̀fọn kan tó ní kòkòrò náà tó, ìgbà kan tó bá jẹni tó. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọn ló ní in, nítorí náà èèyàn lè sùn síta lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó má ṣẹlẹ̀, kó sì ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kọkànlá. Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìṣòro fún ọmọdé, àti fún àgbàlagbà púpọ̀, ni pé ìyà náà kì í dé lọ́jọ́ tí wọ́n dẹ́ṣẹ̀.

Tí ẹ̀fọn bá ti tu kòkòrò náà sára, kì í pé wákàtí kan tí á fi dé ẹ̀dọ̀. Ibẹ̀ ló máa wà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, tí á máa pọ̀ sí i. Kò ní dun ọmọ, ara kò ní gbóná, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ pàápàá kò lè rí i nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ló máa tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀, á wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, á máa pọ̀ sí i, á sì máa ba wọ́n jẹ́. Ìgbà tó bá pọ̀ tó ni orí á fọ́, tí òtútù á mú ọmọ, tí ara á gbóná. Láti ìgbà tí ẹ̀fọn jẹ ẹ́ sí ìgbà yẹn sábà máa ń tó ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá gbé kàlẹ́ńdà Àlàní yẹ̀ wò. Ibà dé ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀fọn Ọjọ́rú kò lè jẹ̀bi rẹ̀, ti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà kò lè jẹ̀bi rẹ̀. Sátidé tó ń fọ́nnu yẹn jẹ́ ọjọ́ karùn-ún sẹ́yìn, kò tíì tó ọ̀sẹ̀. Sátidé òkú tó jẹ́ ọjọ́ kejìlá bọ́ sáàárín gan-an. A ò lè fi ìka tọ́ ẹ̀fọn kan pàtó, kò sí dókítà tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí ọmọ bá ń ki etí nẹ́ẹ̀tì ní gbogbo alẹ́ yòókù, alẹ́ tí kò sí nẹ́ẹ̀tì rárá la máa kọ́kọ́ fura sí.

Ìdí rèé tí nọ́ọ̀sì inú ìtàn náà fi lo kàlẹ́ńdà. Ọmọ tó bá ń wo àná nìkan máa rí bọ́ọ̀lù, oòrùn, máńgòrò tó jẹ. Kò ní rí ẹ̀fọn.

Ẹ̀fọn ń jẹ ìyá àgbà náà. Kí ló dé tí kò ṣàìsàn?

Ẹni tó bá ti gbé ibi tí ibà pọ̀ láti kékeré, tí ibà ti mú léraléra, ara rẹ̀ á kọ́ bó ṣe ń bá kòkòrò náà jà. Kò ní lé e tán, àmọ́ kò ní jẹ́ kó pọ̀ débi tó máa dá a wó. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò tíì ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, òun ni ibà ń pa jù. Ààbò náà máa ń dín kù lára aláboyún, pàápàá nínú oyún àkọ́kọ́, ó sì máa ń rẹ̀yìn lára ẹni tó bá lọ gbé òkè òkun fún ọdún púpọ̀. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tó ń bọ̀ wá ṣe Kérésìmesì nílé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an.

Àmọ́ ara líle ìyá àgbà kò túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀fọn lè mu kòkòrò náà lára rẹ̀. Kòkòrò náà ní láti dàgbà nínú ẹ̀fọn fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ̀fọn náà tó lè kó o ran ẹlòmíràn, ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn kì í sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ẹ̀fọn tó bá fara kan oògùn ara nẹ́ẹ̀tì ìyá àgbà, tó sì kú láàárín ọjọ́ méjì, kò ní dé ọ̀dọ̀ Àlàní láé. Ìyẹn ni pé nẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà tí kò ṣàìsàn ń dáàbò bo ọmọ tó wà lórí fóòmù, àti ọmọ aládùúgbò pẹ̀lú.

Ooru ń mú wa nínú nẹ́ẹ̀tì, iná kò sì sí. Kí la fẹ́ ṣe?

Ooru náà kì í ṣe irọ́, nẹ́ẹ̀tì máa ń dí atẹ́gùn lọ́wọ́ díẹ̀. Ẹ so ó kó fẹ̀, kó má balẹ̀ lé ọmọ lára. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wẹ̀ kó tó sùn, kó wọ aṣọ fúyẹ́, kí fóòmù wà níbi tí atẹ́gùn fèrèsé ti ń fẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ sùn sí ọ̀ọ̀dẹ̀ tàbí àgbàlá, ẹ gbé nẹ́ẹ̀tì lọ síbẹ̀ kí ẹ fi okùn so ó mọ́ òpó. Nẹ́ẹ̀tì ṣeé gbé rìn, ó kàn jẹ́ pé a kì í rò ó ni. Tí Àlàní bá gbé tirẹ̀ lọ síbi òkú àgbà, ìtàn rẹ̀ ì bá kúrú.

Ṣé ó pọn dandan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a ò gbọ́ kíkùn ẹ̀fọn?

Ó pọn dandan. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ibà máa ń pọ̀ lásìkò òjò, àmọ́ kì í tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Odò tó fà sílẹ̀ máa ń fi adágún kéékèèké sílẹ̀, oko tí wọ́n ń bomi rin náà wà, omi tó ń dà nídìí ẹ̀rọ sì wà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ̀fọn díẹ̀ tó ṣẹ́kù yẹn ló ń gbé kòkòrò náà dé ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Lásìkò ọyẹ́, ooru kì í ṣe àwáwí mọ́, torí nẹ́ẹ̀tì tún ń dín òtútù kù díẹ̀.

Nẹ́ẹ̀tì tuntun ń ta ojú, ó sì ń yún ara. Ṣé kò léwu fún ọmọ?

Oògùn ara rẹ̀ ni. Tí ẹ bá tú u jáde nínú ọ̀rá, ẹ fẹ́ ẹ sábẹ́ òjìji fún ọjọ́ kan, ìyẹn wákàtí mẹ́rìnlélógún, kí ẹ tó so ó. Ìtani náà á lọ sílẹ̀. Ìwọ̀n oògùn tó wà lára rẹ̀ kò pọ̀ tó láti ṣe èèyàn ní jàǹbá tí a bá lò ó bó ṣe yẹ, ọmọ ọwọ́ àti aláboyún náà lè sùn sínú rẹ̀. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ máa rún un lẹ́nu.

Báwo la ṣe ń fọ̀ ọ́?

Omi tútù àti ọṣẹ lásán, kí ẹ rọra fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sí òjìji. Jíìkì àti ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun tó le máa ń bó oògùn náà, oòrùn sì ń ba á jẹ́. Ẹ má fọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta lọ. Wọ́n ṣe irú nẹ́ẹ̀tì yìí kó lè gba nǹkan bí ìfọ̀ ogún, kó sì lò tó ọdún mẹ́ta. Ìyàwó ilé tó mọ́ tónítóní tó ń fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ á ti lo oògùn ara rẹ̀ tán kí ọdún kan tó pé. Odò kọ́ ni ẹ máa dà omi ìfọ̀ sí, torí ó ń pa ẹja.

Nẹ́ẹ̀tì wa ti ya. Ṣé ká jù ú nù?

Tí ihò kò bá pọ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an, tàbí kí ẹ so ojú ihò náà ní kókó. Ẹ ṣe ti òkè kíákíá, nítorí ohun tá a sọ nípa ibi tí ẹ̀fọn ti ń kọ lù ú. Ihò ìsàlẹ̀ tó bá bọ́ sábẹ́ fóòmù lẹ́yìn tí ẹ ti kì í kò ṣe nǹkan kan. Títí ẹ ó fi rí tuntun, èyí tó ya tí oògùn ṣì wà lára rẹ̀ sàn ju òfo lọ. Ní Nàìjíríà, wọ́n máa ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ láti ilé dé ilé ní ọdún mélòó kan síra, aláboyún sì lè gbà á níbi ìtọ́jú oyún ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba.

Ẹ̀fọn ń bà sí nẹ́ẹ̀tì wa, kò sì kú. Ṣé oògùn ayédèrú ni?

Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti bí ogójì ọdún wá, ìdílé oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi sára nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀fọn ní apá púpọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà sì ti kọ́ bó ṣe ń yè é. Wọ́n wá dá ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ PBO sí lára ọ̀rá rẹ̀: èròjà yẹn kì í pa ẹ̀fọn fúnra rẹ̀, ohun tí ẹ̀fọn fi ń fọ́ oògùn sí wẹ́wẹ́ nínú ara ló ń dí lọ́wọ́. Èkejì ní oògùn oríṣi méjì, tí oògùn kejì ń gba agbára lára ẹ̀fọn títí tí á fi kú. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa lo irú kejì yìí níbi tí ẹ̀fọn bá ti borí oògùn àtijọ́. Ẹ̀fọn kì í kú lójú ẹsẹ̀ lórí rẹ̀, ó lè tó ọjọ́ kan sí mẹ́ta, nítorí náà ẹ má fi ojú ṣe ìdájọ́.

Bí oògùn bá ṣe ń rọ̀ ni kíki etí ṣe ń ṣe pàtàkì sí i. Nẹ́ẹ̀tì tí oògùn rẹ̀ ṣì lágbára lè lé ẹ̀fọn sẹ́yìn bí àlàfo kékeré bá tilẹ̀ wà. Èyí tí ẹ̀fọn ti borí, aṣọ rẹ̀ nìkan ló kù láti dá a dúró.

Ẹ̀fọn ti ń jẹ wa níta kí a tó sùn. Kí wá ni ìwúlò nẹ́ẹ̀tì?

Òtítọ́ ni, nẹ́ẹ̀tì kò lè dáàbò bo ẹni tí kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó ń tajà títí di aago mẹ́wàá, àwọn ọmọ tó ń wo bọ́ọ̀lù ní gbàgede, ẹ̀fọn lè ti jẹ wọ́n. Aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀ máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé. Àmọ́ wákàtí tí ẹ̀fọn ibà ń jẹni jù ṣì bọ́ sígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn wà lórí ibùsùn. A ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé nẹ́ẹ̀tì ń dí gbogbo rẹ̀.

Alaalẹ́ lọmọ mi ń sùn sínú nẹ́ẹ̀tì, ibà ṣì mú un. Kí ló fà á?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ibà ni. Ara gbígbóná lè jẹ́ ọ̀fìnkìn, àrùn àyà, àrùn etí tàbí ohun mìíràn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ ọ́. Tí kẹ́míìsì bá kàn wo ojú ọmọ tó sì di oògùn ibà fún un, ohun tó ń ṣe é gan-an lè máa le sí i lábẹ́lẹ̀. Tí ọmọ bá ń gbọ̀n gìrì, tí kò lè mu nǹkan, tó ń bì gbogbo ohun tó mu, tàbí tó ń sùn tí kò ṣeé jí, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Tó bá jẹ́ ibà lóòótọ́, ẹ gbé kàlẹ́ńdà bíi ti nọ́ọ̀sì Àlàní. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ kan sí méjì sẹ́yìn, kí ẹ wo alẹ́ kọ̀ọ̀kan: níbo ló sùn, ṣé ó lọ sọ́dọ̀ ìbátan, ṣé ìsọjí òru wà, ṣé ọjọ́ yẹn ni ẹ fọ nẹ́ẹ̀tì tí kò tètè gbẹ? Lẹ́yìn náà, ẹ wọ yàrá rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì láago mẹ́ta òru láìsọ fún un, kí ẹ wo etí nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ òbí tó ṣe èyí ló bá ẹsẹ̀ ọmọ níta.

Ó ti lo oògùn tán, ara rẹ̀ ti yá, àmọ́ àyẹ̀wò ṣì ní ibà wà. Ṣé ẹ̀fọn tún ti jẹ ẹ́ ni?

Ó lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò kíákíá tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe kì í rí kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ohun tí kòkòrò náà tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń rí, èyí sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú tán. Tí ọmọ bá ń jẹun, tó ń ṣeré, tí ara rẹ̀ kò gbóná, kò sí ìdí láti tún fún un ní oògùn. Tí ara rẹ̀ bá tún gbóná láàárín oṣù kan náà, ẹ sọ fún wọn níbi àyẹ̀wò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn ibà, kí wọ́n fi awò wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, torí èyí máa ń fi kòkòrò tó wà láàyè hàn.